Ọ̀rá wo ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì òróró yín? Bí a ṣe ń wò ó

Bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, ẹ wo ìgò epo pupa àti ìgò òróró ẹ̀pà ní kíṣìnnì. Epo pupa á ti dì, kò ní tètè dà bí ẹ tiẹ̀ dorí ìgò kodò; òróró ẹ̀pà á ṣì máa ṣàn. Irú ọ̀rá tó wà nínú wọn ló fà á.

Ẹ fojú igi ìdáná wo ọ̀rá. Igi tó tọ́ gbọnrangandan ṣeé tò pọ̀ pẹ́kípẹ́kí: ọ̀rá sátúréètì nìyẹn, ìdí tó fi ń dì nìyẹn. Igi wíwọ́ kì í ṣeé tò jọ: ọ̀rá ansátúréètì nìyẹn, tó máa ń ṣàn. Ọ̀rá tráńsì wá ni igi wíwọ́ tí wọ́n nà. Tí iléeṣẹ́ bá ti afẹ́fẹ́ haidirójìn sínú òróró kó lè dì bíi bọ́tà, tí wọ́n sì dá a dúró lágbedeméjì, àwọn kan á nà láì yẹ kí wọ́n nà. Nínú ara, sátúréètì máa ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Tráńsì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ń dín èyí tó dára kù. Bí ansátúréètì bá gba ipò sátúréètì lórí àwo, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú náà á wálẹ̀.

Ara kẹ́ẹ̀gì la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ka “kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù” sí. Kò sí òróró igi tàbí ewébẹ̀ tó ní in débi tó yẹ ká sọ. Àfi bíi kí wọ́n kọ ọ́ sára píọ́ wọ́tà pé kò léegun. Ẹ wá iye gbogbo ọ̀rá, kí ẹ wá iye sátúréètì, kí ẹ sì fi àkọ́kọ́ pín ìkejì. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé ṣíbí ńlá kan ní ọ̀rá gíráàmù 14, tí 6 nínú rẹ̀ jẹ́ sátúréètì. Ìdá 43 nínú 100 nìyẹn: ọ̀pẹ ni òróró yẹn ti wá, bó ti wù kó mọ́ kedere tó. Tó bá jẹ́ 2 nínú 14, ìdá 14 ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sóyà. Orúkọ “fẹjitébù ọ́ìlì” kò sọ igi tó so ó. Ìṣirò yìí ló ń tú u fó.

Bí àwọn òróró ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ní ti sátúréètì rèé. Àdín àti epo àgbọn ló ga jù, ju ìdá 80 lọ, ohun yòówù kí àwọn tó ń ta epo àgbọn máa sọ. Epo pupa tó ìdá 50. Òróró ẹ̀pà kò pé 20, sóyà àti ólíìfì wà ní nǹkan bíi 15, ti òdòdó oòrùn sì sún mọ́ 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan epo pupa títí tó fi funfun fún ọbẹ̀ ayamaṣe: àwọ̀ pupa, tó ń di fítámì A nínú ara, lẹ ń jó dànù. Sátúréètì rẹ̀ ò lọ síbì kankan.

Ní ti tráńsì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára màjárínì líle, bísíkíìtì àti páì. Tí ẹ bá rí “páṣálì haidirójínéètì”, ìyẹn èyí tí wọ́n ti haidirójìn sí, tí wọ́n dá dúró lágbedeméjì, ẹ dá a padà. Òfin NAFDAC ti 2022 kò fàyè gba ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá, ṣùgbọ́n páì tí wọ́n ń tà létí títì kì í ní àkọlé. Òróró àkàrà tí wọ́n ń dín léraléra ní wàhálà tirẹ̀: ó ń dúdú, ó ń hó ìfófò, ó sì ń tètè rú èéfín. Ìbàjẹ́ nìyẹn, tráńsì inú rẹ̀ kéré sí ti ọ̀rá tí wọ́n ti haidirójìn sí.

Ó wá ku ìkòkò. Ká ní ẹ fi epo pupa ife kan, nǹkan bíi gíráàmù 230, se ẹ̀fọ́ fún èèyàn mẹ́jọ. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ sátúréètì, nǹkan bíi 115. Ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 14. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí sátúréètì má kọjá ìdá mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ọjọ́ kan ń fún wa, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 22 fún àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000. Ọbẹ̀ ọ̀sán nìkan ti kó ju ìdajì rẹ̀ lọ, a ò tíì ka ẹran àti wàrà. Tí ẹ bá fi òróró ẹ̀pà se gbogbo rẹ̀, gíráàmù 5 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ̀fọ́ wo nìyẹn? Lábúlàbú ni èmi ń ṣe: epo pupa ìdajì ife, òróró ẹ̀pà ìdajì, gíráàmù 9 sí 10 fún ẹnì kan, adùn epo ò sì lọ. Tí ọbẹ̀ bá ti fìdí kalẹ̀, mo tún máa ń fi ṣíbí bu èyí tó léfòó. Ṣíbí ńlá méjì ni mo bù kúrò lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ nídìí àwo.