kWh àti kW: bí a ṣe ń mọ iye wákàtí tí mọ́tò oníná yóò fi gba iná

kWh, ìyẹn kìlówáàtì-wákàtì, ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú. kW, ìyẹn kìlówáàtì, ni bí iná ṣe ń yára wọlé sí i. Bátìrì dà bí àgbá omi, ṣájà sì dà bí ẹnu ẹ̀rọ tó ń ya omi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní "bátìrì mi jẹ́ 60 kW" ti fi orúkọ ẹnu ẹ̀rọ pe àgbá.

Ká mú bátìrì 60 kWh tó ku ìdá 20 nínú 100, tí a fẹ́ kó dé 80. Ìdá 60 ló kù láti fi kún un, ìyẹn 36 kWh. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú iná náà a máa di ooru dànù kó tó dé inú bátìrì. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá dànù báyìí, mítà yóò ka 40 kWh. 40 yìí ni kí ẹ fi kW tó ń wọlé pín. Súkẹ́ẹ̀tì ilé tó ń gbé áńpíà 10 lórí fóltì 230 jẹ́ 2.3 kW, yóò gbà ju wákàtí 17 lọ. Ṣájà ara ògiri tó jẹ́ 7.4 kW yóò parí rẹ̀ láàárín wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 24.

Bí ẹ bá wá ra ṣájà 22 kW ńkọ́? Ó lè má fi ìṣẹ́jú kan yá ju ti 7.4 lọ. Iná AC, ìyẹn irú iná tó ń wá láti súkẹ́ẹ̀tì, ni ṣájà ilé ń gbé jáde, DC, ìyẹn irú èyí tó ń wá láti inú bátìrì, nìkan sì ni bátìrì ń gbà. Inú mọ́tò ni ẹ̀rọ tó ń yí i padà wà. Bí ẹ̀rọ yẹn kò bá lè gbà ju 7.4 kW lọ, ibẹ̀ ni ó mọ. Ẹ wo iye rẹ̀ nínú ìwé tó bá mọ́tò wá kí ẹ tó náwó.

Ṣájà DC tó wà lójú títì kì í gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá, bátìrì ni ó ń fún níná tààrà. 50 kW lè fi 36 kWh kún bátìrì wa láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Tó bá ti kọjá 80, mọ́tò fúnra rẹ̀ yóò máa dín iná kù kí bátìrì má baà bàjẹ́, nítorí náà ìdá 20 tó gbẹ̀yìn a máa fà bí ìgbín. Ṣájà kò bàjẹ́, ẹ má bínú sí i. Bí bátìrì bá tutù gan-an pẹ̀lú, kW tó ń wọlé yóò lọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Súkẹ́ẹ̀tì ilé ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù, torí pé ó ń gbé ẹrù láti alẹ́ mọ́jú. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, tàbí tí ó ń rùn bíi ike tó ń jó, ẹ dá iná dúró láti inú mọ́tò kí ẹ tó yọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, súkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó tàbí wáyà tí kò mú dáadáa lẹ́yìn rẹ̀ ló fà á. Oníṣẹ́ iná ni kó wá pààrọ̀ rẹ̀. Dídín áńpíà kù kì í ṣe àtúnṣe.