Táímà ò bàjẹ́, àmọ́ omi tánkì ń ṣe ségesège

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Mo fi táímà sí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga-dẹ̀rọ wá sínú tánkì olítà 1,000. Àárọ̀ ló máa ń tan, ìṣẹ́jú 50 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan omi á kún dà sílẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn tánkì ò ní kún. Mo ti pààrọ̀ táímà, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ẹ má ra irú táímà yẹn mọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ ń ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe: ó ń ka ìṣẹ́jú. Kò sí nǹkan kan tó so ó pọ̀ mọ́ omi inú tánkì.

Ẹ gbé garawa olítà 20 sí ẹnu páìpù tó ń já sínú tánkì, kí ẹ wo aago. Ká ní ìṣẹ́jú kan ló fi kún. Ìṣẹ́jú 50 á fún yín ní lítà 1,000 géérégé, ìyẹn bí tánkì bá gbẹ pátápátá kí ẹ̀rọ tó tan. Bí lítà 300 bá ṣẹ́kù láti àná, lítà 300 náà ló máa dà sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, omi inú kànga á lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á máa fà á láti ìsàlẹ̀ jíjìn. Bí iná bá tún rẹlẹ̀, omi tó ń wọlé lè di lítà 14 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 50 yín á wá jẹ́ lítà 700. Táímà ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò sì mọ̀ pé àlejò Ojúde Ọba ti lo omi ilé tán. Irú ìṣàkóso báyìí là ń pè ní ópùn-lúùpù: àṣẹ ń lọ, ìròyìn kankan kì í padà wá.

Ohun tí ẹ nílò ni fúlóòtì suwíìṣì, bọ́ọ̀lù oníwáyà tó ń léfòó nínú tánkì. Bí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á dorí kodò, ẹ̀rọ á tan. Bí omi bá gbé e sókè, á pa ẹ̀rọ. Omi tó ń wọlé fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tó tó, ì báà jẹ́ lítà 20 tàbí 14 ló ń wọlé. Ìyẹn ni kúlóòsì-lúùpù.

Ibi tí ẹ máa so wáyà rẹ̀ mọ́ ṣe pàtàkì gan-an, torí gígùn wáyà tó ń jù fìrì-fìrì ló ń sọ àlàfo tó wà láàárín títan àti pípa. Ẹ jẹ́ kó tan ní nǹkan bíi lítà 300, kó pa ní 950. Bí ẹ bá so ó kúrú jù, tí àlàfo fi jẹ́ lítà 10 péré, gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá bu omi ìwẹ̀ ni ẹ̀rọ á máa tan, á sì pa láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ju ti ìgbà tó bá ti ń yí lọ fíìfíì. Títan-pípa léraléra bẹ́ẹ̀ ló ń jó o.

Ìbéèrè: Kí fúlóòtì tó dé, bí ọmọ mi bá dúró ti tánkì tó ń pariwo pé kí n pa á ńkọ́?

Ìdáhùn: Kúlóòsì-lúùpù nìyẹn náà. Ojú ọmọ ló ń wo omi, ọwọ́ yín sì ni suwíìṣì. Ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni, torí náà kó tètè ké sí yín.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá ju táímà nù?

Ìdáhùn: Táímà ṣì wúlò, àmọ́ irú mìíràn ni ẹ nílò. Fúlóòtì lè há mọ́ páìpù, ẹ̀rọ ò sì ní pa mọ́. Bákan náà, inú tánkì nìkan ló ń wò. Bí kànga bá gbẹ, kò lè mọ̀, ẹ̀rọ á máa yí lásán títí á fi jóná. Láti 300 dé 950, lítà 650 ni. Bó bá jẹ́ lítà 14 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan, bíi ìṣẹ́jú 46 ni. Torí náà ẹ wá táímà tó ń ka wákàtí kan látìgbà tí ẹ̀rọ bá ti tan, tí á pa á, tí kò sì ní jẹ́ kó tún tan àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tan án. Bó bá pa á, ẹ lọ wo fúlóòtì, páìpù àti kànga.

Ìbéèrè: Oníṣẹ́ iná ti fi fúlóòtì sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà tí tánkì bá kún gan-an lẹ̀rọ ń tan!

Ìdáhùn: Wáyà ló so òdì. Púpọ̀ nínú fúlóòtì ní wáyà mẹ́ta: ọ̀kan fún kíkún, ọ̀kan fún gbígbẹ, ìkẹta sì jẹ́ àjọlò tí a máa ń lò pẹ̀lú ọ̀kan nínú méjì yòókù. Ẹ ní kó pa iná láti orísun rẹ̀, kó yí wáyà tí kì í ṣe àjọlò padà sí èkejì. Lẹ́yìn náà kó tan iná, kó fi igi gbígbẹ gbé bọ́ọ̀lù sókè: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pa. Kó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tan.