Ọ̀rọ̀ ò bá àwòrán rìn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí sísọ fídíò Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá

Ẹ̀gbọ́n, mo kọ Yorùbá tí wọ́n máa kà sórí fídíò náà dáadáa, àmọ́ ẹni tó ń kà á ń ṣì í kà ṣáá.

Ẹ fi àmì ohùn sí i, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí ẹ̀fọn bá di ẹfọ̀n nínú fídíò ìlera, kì í ṣe ẹni tó kà á ló jẹ̀bi.

Nọ́ńbà ń gba àkókò jù. Ṣé mo lè gé e kúrú?

Ó dá lórí iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ká kàn mọ̀ pé àwọn tó wá pọ̀ ni, "bí àádọ́ta" tó, kò sídìí fún "méjìdínláàádọ́ta". Àmọ́ bó bá jẹ́ ti oògùn, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Oògùn ibà tó ní átẹ́míta àti lumefántírìnì, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó. Gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ pé, kí wọ́n sì rọra kà á. Ẹ wá ibòmíràn gé. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ sì fi kọ nọ́ńbà, torí ẹni tó bá rí 48 lójú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ló máa bọ́ sí i lẹ́nu.

Ṣé "o" ni kí n lò fún ẹni tó ń wò ó ni, àbí "ẹ"?

"Ẹ" ni. Ẹ ò mọ ẹni tó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà tó wà nínú àwòrán. "Ó" rí wọn fín, "wọ́n" sì lè mú kí ẹni tó ń gbọ́ máa wá àwọn yòókù kiri. Ẹ pè wọ́n ní "Ìyá yìí" tàbí "Bàbá yìí" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà "wọ́n" á yé gbogbo èèyàn.

Gẹ̀ẹ́sì pe ẹ̀jẹ̀ ríru ní apànìyàn tí kì í pariwo. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó mú ọ̀bẹ dání lẹni tó ń gbọ́ máa rí. "Ó ń pani, kò sì jẹ́ kéèyàn fura" gbé ìtumọ̀ náà pé pérépéré. Àwọn kan tún máa ń fi òwe kún un kó lè dùn. Òwe tí kò sí nínú ìwé á jẹ àkókò, á sì gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí dókítà tó kọ ọ́ kò gbé e gbà.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, Yorùbá mi máa ń gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó ń kà á ń sáré, síbẹ̀ àwòrán á ti kọjá kó tó parí.

Èyí ló ń dé ọ̀dọ̀ mi jù, gbogbo ẹni tó sì ń mú un wá ló ti kọ́kọ́ ní kí ẹni tó ń kà á sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ń sáré ka Yorùbá, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn á máa wọnú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ohùn yẹn la fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Kọ̀ǹpútà lè fún ohùn pọ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Bó bá ju díẹ̀ lọ, á dà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mo bá irú ẹ̀ jìjàkadì nínú fídíò kan lórí ibà. Ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 7, wọn ò sì ní tún fídíò náà gé mọ́. Ẹ̀fọn kọ́kọ́ bà sórí awọ ara. Nígbà tó di ìṣẹ́jú àáyá 3, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọlé. Láti 5 títí dé òpin, ẹyin lórí omi la rí. Yorùbá tí wọ́n gbé fún mi nìyí:

"Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó máa ń jẹ ènìyàn nítorí pé ó nílò èròjà purotéènì tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti lè jẹ́ kí àwọn ẹyin rẹ̀ dàgbà."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka sílébù rẹ̀: 49 ni. Ní fídíò tó ń ṣàlàyé nǹkan, bíi sílébù 5 ni mo máa ń fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àyè 35 péré ló wà, láìtíì mí. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé kí "ẹ̀jẹ̀" tó jáde lẹ́nu ẹni tó ń kà á, ìṣẹ́jú àáyá 7 ti pé, ẹyin la sì ti ń wò.

Àwọn tó ni iṣẹ́ ní ká yọ "purotéènì". Sílébù 5 nìyẹn, kò sì mú ẹ̀jẹ̀ bá ikùn ẹ̀fọn. Ohun tó gùn níbẹ̀ ni "nítorí pé" àti "láti lè jẹ́ kí", ìyẹn okùn tí Gẹ̀ẹ́sì fi so gbólóhùn rẹ̀ pọ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo wo àwòrán láìsí ohùn, mo sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú mi bó ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn:

"Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń jẹni. Ẹ̀jẹ̀ tó mu ló ní èròjà tí ẹyin rẹ̀ fi ń dàgbà."

Sílébù 27. Gbólóhùn àkọ́kọ́ parí ní ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹni tó ń kà á mí, "Ẹ̀jẹ̀" sì bọ́ sí 3 géérégé bí ikùn ṣe ń pọ́n. Kó tó dé "ẹyin", 5 ti pé. "Ló" ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Òun ló máa ń jẹ́ ká lè gbé ohunkóhun tí àwòrán bá ń fi hàn wá síwájú gbólóhùn. Ẹ lò ó dáadáa.

Wọ́n tún dá a padà pé purotéènì ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá inú fídíò náà, mo rí ibi tí odò kàn ń ṣàn tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, mo sì fi "Purotéènì lèròjà ọ̀hún" síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wa yẹ iṣẹ́ wò fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí kò bá gba ibì kan lè gba ibòmíràn, bí kò bá ṣáà ti jìnnà sí ọ̀rọ̀ tó bá a tan.

Àwọn ibì kan wà tí kò ní gbà rárá. Ẹ bẹ ẹni tó ń gé fídíò pé kó dá àwòrán ìkẹyìn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ sítúdíò.

Ta ni kí n ní kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹni tí kò tíì rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kó wá sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Bí fídíò bá ń lọ sí Kétu tàbí Sákétẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ wá ẹni ibẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kàwé, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè má yé wọn.

Èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà, a sì ń rí ẹnu rẹ̀. Ṣé mo lè dá a ṣe?

Bó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí Yorùbá tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kí Yorùbá bá ètè mu, ẹ má dán an wò. Ibi tí ètè bá ti pàdé, ẹ nílò ìró bíi "b" tàbí "m" níbẹ̀ gan-an, ìtumọ̀ ò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ni. Ẹ pè é kí ẹ tó dá iye owó lé iṣẹ́ náà.