Ẹ yẹ páálí tíì yín wò, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkòròdú, bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé tí ìfúnpá kò sì wálẹ̀, ẹ wo ara páálí tíì ewé tàbí súìtì dúdú tí ẹ ń lò, bóyá gbòǹgbò líkọ́rísì, ewéko kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dùn, wà níbẹ̀. Ohun tó ń dùn nínú rẹ̀ máa ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú, kó sì da pọ̀tásíọ́mù, èròjà tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, nù sínú ìtọ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀ náà ń da pọ̀tásíọ́mù nù, àdánù wá di méjì. Ẹsẹ̀ lè wú, iṣan á rọ, àyà á máa lù ségesège. Èyí tó le jù nìyẹn. Bí líkọ́rísì bá wà níbẹ̀, ẹ dá tíì tàbí súìtì yẹn dúró, ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì lọ yẹ pọ̀tásíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ wò kíákíá, torí ipa líkọ́rísì lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ bíi 2.