Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí orúkọ yín wà kí ẹ tó tẹ Reply all

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 40, láìka àwọn olóyè. Akọ̀wé fẹ́ fi ímeèlì sọ fún gbogbo wọn pé ìpàdé Lágere tó yẹ kó wáyé ní Sátidé yìí ti di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé kí ẹni tó bá fẹ́ yáwó fi iye tó fẹ́ àti nọ́ńbà àkáùǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ó kọ àdírẹ́sì Màmá Alága sí To, ó kọ ti akápò àti ti ayẹ̀wéwò owó sí Cc, ó wá kó 40 tó kù sí Bcc. Akọ̀wé ṣe é dáadáa. Inú ìdáhùn ni nǹkan ti máa ń dàrú.

To àti Cc kò yàtọ̀ síra tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Lẹ́tà kan náà ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, gbogbo ẹni tó bá sì gbà á ló ń rí orúkọ tó wà níbẹ̀. Ojúṣe ni ìyàtọ̀ wọn: ẹni tó wà ní To là ń bá sọ̀rọ̀, òun la sì ń retí pé kó dáhùn, ẹni tó wà ní Cc, a kàn fẹ́ kí ó gbọ́ sí i ni. Bcc ló yàtọ̀ gedegbe. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni ni a ti yọ orúkọ wọn kúrò lára rẹ̀. (Àwọn tó ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ṣiṣẹ́ yóò rántí bébà kábọ̀n tí wọ́n máa ń tẹ̀ sáàárín bébà méjì. Ibẹ̀ ni C tó wà nínú Cc ti wá. Fún Bcc, wọ́n á kọ́kọ́ yọ bébà òkè kúrò, kí wọ́n tó tẹ orúkọ ẹni tí wọn ò fẹ́ kí ojú rí sára ẹ̀dà nìkan.)

Àṣìṣe kìíní: èrò pé Reply all ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́

Reply all kò mọ gbogbo ẹni tí akọ̀wé kọ̀wé sí. Orúkọ tó bá rí lójú lẹ́tà tó wà níwájú yín ló máa ń ṣà jọ: ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó wà ní To, àti àwọn tó wà ní Cc. Níwọ̀n bí a ti yọ àwọn tó wà ní Bcc kúrò, kò sí ibi tí yóò ti rí wọn.

Nítorí náà, tí ọ̀kan nínú àwọn 40 yẹn bá tẹ Reply all tó sì kọ ọ́ pé, “Ẹ̀yin ará, èmi ni mo máa gbé jẹnẹrétọ̀ wá,” èèyàn mẹ́rin péré ni yóò kà á: akọ̀wé, alága, akápò àti ayẹ̀wéwò. Àwọn 39 yòókù kò ní gbọ́ nǹkan kan. Òun á máa rò pé òun ti kéde, àwọn yẹn náà á sì lọ háyà jẹnẹrétọ̀ tiwọn. Tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́, akọ̀wé ni kó kọ̀wé sí, kí akọ̀wé bá a fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá ńkọ́? Akọ̀wé ló béèrè rẹ̀, akọ̀wé nìkan ló sì yẹ kó gbà á. Reply nìyẹn. Ayẹ̀wéwò kò nílò nọ́ńbà àkáùǹtì yín ní ọjọ́ Ẹtì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé Bcc ni wọ́n fi yín sí? Nínú Gmail, lábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ̀wé, ọfà kékeré kan wà níbi tí wọ́n kọ `to` sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá rí `bcc:` tí orúkọ yín tẹ̀ lé e, tàbí tí ẹ kò rí ara yín ní `to` àti `cc`, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bcc ni. Nǹkan kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ níbí o: tó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí wọ́n dá sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ni lẹ́tà náà gbà wá, irú èyí tí Google Groups ń ṣe, orúkọ yín kò ní hàn níbẹ̀ náà. Ẹni tó dá a sílẹ̀ sì lè ti ṣètò rẹ̀ pé kí Reply lásán máa padà sọ́dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ wo ìlà To lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ Reply. Ìlà yẹn kì í parọ́.

Àṣìṣe kejì: fífi ẹnìkan pamọ́ sí Bcc nínú ìdáhùn

Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ̀wé sí akọ̀wé nìkan, tó ń fi ìbínú béèrè ìdí tí wọn kò fi yá òun lówó. Akọ̀wé dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù, ṣùgbọ́n ó fi Màmá Alága sí Bcc kí ó lè máa rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Màmá gba lẹ́tà náà lórí fóònù wọn. Wọn ò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n fi wọ́n pamọ́. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbogbo wọn. Wọ́n tẹ Reply all, wọ́n ní, “Akọ̀wé, má dá a lóhùn mọ́. Ìgbìmọ̀ máa rí sí i.”

Ọ̀dọ̀ ta ni ìdáhùn yẹn lọ? Lójú lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ Màmá, akọ̀wé ló kọ ọ́, ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ló sì wà ní To. Àwọn méjèèjì ni Reply all mú. Ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló wúkọ́ yẹn. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ ẹgbẹ́ yẹn kò ní gbà mọ́ pé ohun tí òun bá bá akọ̀wé sọ kò ní dé etí ẹlòmíràn, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ má fi èèyàn pamọ́ sí Bcc nínú ìdáhùn tó kan ẹnì kan pàtó. Tí alága bá gbọ́dọ̀ rí i, ẹ fi sí Cc kí gbogbo ojú rí i. Tí kò bá yẹ kó hàn, ẹ kọ́kọ́ fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ náà nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú Sent, ẹ ṣí lẹ́tà yẹn, ẹ tẹ Forward, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì alága. Bí Màmá bá tẹ Reply all lórí èyí, ọ̀dọ̀ akọ̀wé nìkan ló máa padà sí.

Forward yẹn náà ní ewu tirẹ̀ fún akọ̀wé. Gmail máa ń to gbogbo rẹ̀ sójú kan náà, Forward tí ẹ fi ránṣẹ́ sí alága á sì di èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá wá lọ tẹ Reply tó wà nísàlẹ̀, ọ̀dọ̀ alága ló ń lọ. Ẹ rí i dájú pé lẹ́tà ọmọ ẹgbẹ́ náà gan-an lẹ ń dá lóhùn.

Àṣìṣe kẹta: nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní To

Ká ní akọ̀wé kò mọ Bcc, tó kó gbogbo àdírẹ́sì sí To: 40 ọmọ ẹgbẹ́ àti olóyè mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ Reply all, ó sì kọ orúkọ rẹ̀, báńkì rẹ̀ àti nọ́ńbà àkáùǹtì rẹ̀. Èèyàn 43 ti ní in lọ́wọ́ báyìí, títí kan ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tí a kò tíì yọ orúkọ rẹ̀. Lójú Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, ìwífún ẹni nirú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fọ́n ká.

Ẹlòmíràn á wá tẹ Reply all pé, “Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀.” Kò sí ohun tó lè yọ ọ́ báyẹn. Tí èèyàn mẹ́wàá bá kọ irú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lọ sọ́dọ̀ 43, ẹ̀dà 430 ló ti jáde lórí ọ̀rọ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹni tí ariwo bá sú kò gbọ́dọ̀ dáhùn rárá. Kó ṣí lẹ́tà náà nínú Gmail, kó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, kó yan Mute. Àwọn lẹ́tà náà á ṣì máa wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò ní máa yọjú nínú Inbox mọ́.

Akọ̀wé ló lè tún un ṣe. Orí kọ̀ǹpútà ni kó ti ṣe é, torí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Kó tẹ Reply all, kó tẹ ìlà To kí àwọn orúkọ lè hàn, kó tẹ Bcc kí àyè rẹ̀ ṣí, kó wá wọ́ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti To lọ síbẹ̀. Àdírẹ́sì tirẹ̀ nìkan ni kó fi sí To. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe: “Mo ti kó gbogbo yín sí Bcc. Ẹ fi Reply dá mi lóhùn. Èmi nìkan ni mo máa rí i.” Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ á rò pé àwọn nìkan ló kọ̀wé sí.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá padà lọ tẹ Reply all lórí rẹ̀ máa tún dá ariwo náà sílẹ̀, akọ̀wé ò sì lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ yẹ ètò Gmail tiyín wò náà. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú `See all settings`, lábẹ́ `General`, ẹ wá `Default reply behavior`. Tó bá wà lórí `Reply all`, ẹ dá a padà sí `Reply`. Lójú ewé yẹn kan náà, ẹ gbé `Undo Send` láti ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 30, kí ẹ sì tẹ `Save Changes` nísàlẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn, lẹ́tà kò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ sì lè tẹ Undo. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, Gmail kò ní bọ́tìnì tó lè gbà á padà.

Tí nọ́ńbà àkáùǹtì yín bá ti lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ báyẹn, nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó kó owó yín. Ẹni tí ẹ máa ṣọ́ra fún ni ẹni tó máa pè yín láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, tó mọ orúkọ yín, tó mọ báńkì yín, tó mọ̀ pé ẹ fẹ́ yáwó, tó wá ní kí ẹ ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún òun. Ẹ gé fóònù yẹn, kí ẹ sì fúnra yín pe akọ̀wé.