Bí mo ṣe ka ìwé ààbò kẹ́míkà tí wọ́n ní kì í gbaná

Ohun tó mú ọ̀gá wa fẹ́ràn kẹ́míkà tuntun tí a fẹ́ máa fi bó ọ̀dà ni pé wọ́n ní kì í gbaná bí asitóònù. Ilẹ̀kùn irin la ń bó ọ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Odogunyan, Ìkòròdú, àwọn wẹ́dà sì múlé tì wá, nítorí náà mi ò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń mójú tó sítọ́ọ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí dúrọ́ọ̀mù náà títí n ó fi ka ìwé ààbò rẹ̀ tán.

Ìpín 16 ló wà nínú ìwé ọ̀hún, mi ò sì kà á láti òkè wálẹ̀. Ìpín kẹta ni mo kọ́kọ́ ṣí, torí orúkọ ọjà kì í sọ ohun tó wà nínú agolo. Ibẹ̀ ni mo ti rí CH2Cl2, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ 75-09-2: dáíkílórómẹ́téènì ni. Mo bá ṣí ìpín kẹsàn-án. Níbi tí wọ́n ti ń kọ bí ooru ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí oru kẹ́míkà tó lè gbaná, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí. Ọ̀gá kò parọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé 40°C ló ti ń hó, àti pé oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó dín díẹ̀.

Sítọ́ọ̀ onípáànù wa máa ń gbóná ju 40°C lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí dúrọ́ọ̀mù bá wà níbẹ̀, yóò wú, ẹni tó bá sì ṣí ìdérí rẹ̀ yóò gba oru sójú. Mo gbé e lọ sí yàrá oníbúlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn kì í dé, a sì lu ihò sí ẹsẹ̀ ògiri kí oru tó bá jò má baà kó jọ sílẹ̀. Ìpín kẹwàá fi kún un pé kí a má jẹ́ kó bá alumíníọ́mù pàdé, ká má sì jẹ́ kí oru rẹ̀ dé ibi tí iná wà. Òun fúnra rẹ̀ lè má jó, àmọ́ bí oru rẹ̀ bá kan iná wẹ́dà, ó lè di gáàsì fọ́sújíìnì, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Níbi tí ọ̀gá ti rò pé ó dára jù fún wa gan-an ni ewu rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló gba àkókò mi jù. Ìpín kẹjọ kọ ọ́ pé òté tí OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi lé e fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ ni 25 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Mo ṣírò ti yàrá iṣẹ́ wa: mítà 5 lọ́nà 4, gíga 3, ìyẹn lítà 60,000 afẹ́fẹ́. Mílílítà 100 péré, tí kò tó ife tíì kan, yóò di nǹkan bíi lítà 39 oru bó bá gbẹ tán. Ìyẹn jẹ́ 650 nínú mílíọ̀nù, ìlọ́po 26 òté náà. Fáànù òkè àjà kò lè yanjú ìyẹn. Ńṣe ni yóò kàn máa rò ó pọ̀. Èèyàn kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé imú, torí kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbóòórùn rẹ̀, ó ti kọjá òté. Tó bá wọ ara tán, ara á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, gáàsì kan náà tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Orí fífọ́ àti òòyì ló máa ń bá dé, ẹni tó ń ṣe á sì pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́.

Mo ṣáà ní ká máa ṣe é níta, lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ wá. Bọ̀dá tó ń bá wa bó ọ̀dà béèrè bóyá ìbòmú alásẹ́ rẹ̀ kò ní tó. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ má fọkàn tán an. Èédú inú rẹ̀ kì í dá irú eléyìí dúró pẹ́.”

Ní ti ìbọ̀wọ́, ìwé náà kàn kọ “ìbọ̀wọ́ tó yẹ” ni. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú. Àtẹ tí àwọn tó ń ṣe ìbọ̀wọ́ fúnra wọn gbé jáde ni mo lọ yẹ̀ wò, mo sì rí i pé náítiráìlì fẹ́lẹ́ tí a ń lò kò lè dá a dúró ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kò ní ya, kò ní lu. Kẹ́míkà á kàn gba inú rẹ̀ kọjá dé awọ ara. Èyí tó fara dà á fún wákàtí púpọ̀ ni ìbọ̀wọ́ pílásítíìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ ní ìpele-ìpele. Kì í bá ọwọ́ mu dáadáa, nítorí náà òun la ń kọ́kọ́ wọ̀, a ó wá fi náítiráìlì lé e lórí kó lè di nǹkan mú. Tí ti òkè bá ti rin, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá béèrè pé ṣé gbogbo wàhálà yìí kò ju owó asitóònù lọ. Mo sọ fún un pé láti ọdún 2019 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de títa dáíkílórómẹ́téènì yìí fún ará ilé tó fẹ́ fi bó ọ̀dà. Ó ní ká lo dúrọ́ọ̀mù kan yìí tán níta, kí n sì máa wá kẹ́míkà mìíràn. Àkísà tó ti rin ń lọ sínú garawa irin oníderí, níta náà.