Ẹ Yé Ra Okùn Lé Okùn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń So Fóònù Mọ́ Kíbọ́ọ̀dù

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé àpò kékeré kan wá bá mi. Okùn USB mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tuntun ni gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rà wọ́n, kí áàpù tó fi ń kọ́ dùùrù lè gbọ́ ohun tó ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Áàpù ò gbọ́ nǹkan kan. Inú bí mi, nítorí okùn àkọ́kọ́ tó rà ti tó, ohun kékeré kan ló kù tí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

1. Ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ USB TO HOST sí lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù là ń wá, ó sábà máa ń ní igun mẹ́rin bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ USB TO DEVICE sí, fíláàṣì ló wà fún.

2. Okùn tó wà fún ṣájà nìkan. Bí okùn yín kò bá lè gbé fọ́tò láti fóònù sórí kọ̀ǹpútà, kò lè gbé MIDI, ìyẹn ìsọfúnni tí kíbọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́ nípa kíì tí ẹ tẹ̀.

3. Èyí ló ń dùn mí jù. Nínú USB, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá, ìkejì a jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá ló ń béèrè, ọmọ iṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ bí wọn ò bá bi í. Ọmọ iṣẹ́ ni kíbọ́ọ̀dù ní ihò onígun mẹ́rin yẹn. Fóònù náà, ọmọ iṣẹ́ ló máa ń jẹ́ bí a bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá wá so ọmọ iṣẹ́ méjì pọ̀, àwọn méjèèjì á kàn máa retí ara wọn ni.

Orí OTG, ohun kékeré tí a ń ki bọ ẹnu fóònù kí okùn USB lè wọ inú rẹ̀, ló ń sọ fóònù di ọ̀gá. Lára fóònù tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ micro-USB, ẹsẹ̀ márùn-ún ló wà lẹ́nu okùn. Nínú orí OTG, wọ́n ti so ẹsẹ̀ kẹrin mọ́ wáyà ilẹ̀, ibẹ̀ ni fóònù ti ń mọ̀ pé òun ni ọ̀gá. Orí tó kàn ń yí ẹnu okùn padà lásán jọ ọ́ lójú, àmọ́ kò ní àsopọ̀ yẹn. Ẹgbẹ́ fóònù ni OTG sì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ẹgbẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Bí fóònù yín bá jẹ́ USB-C, okùn kan ṣoṣo tó ní ẹnu C níhìn-ín, tó ní igun mẹ́rin lọ́hùn-ún, ti tó, ẹ ò nílò orí OTG rárá.

Mo mú okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú àpò ọ̀rẹ́ mi, mo fi orí OTG tèmi sí ẹgbẹ́ fóònù rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí nǹkan kan. A wọ Settings, a wá OTG, a rí i pé ó wà ní pípa. Àwọn fóònù kan wà tó ń pa á fúnra wọn bí a kò bá lò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A tàn án, ó tẹ C àárín, kíì yẹn sì tàn lójú áàpù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì lọ máa yan MIDI níbi tí Android ti ń béèrè ohun tí a fẹ́ fi USB ṣe. Ìgbà tí a bá so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà ni yíyàn yẹn wúlò, ó ń sọ fóònù di ọmọ iṣẹ́ ni. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ṣòfò níbẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ so okùn, kí ẹ tó ṣí áàpù.

Lẹ́yìn tó bá ti so, Transpose ló kàn, èyí tó ń gbé ohùn gbogbo kíì sókè tàbí sílẹ̀. Ẹnì kan tí mò ń kọ́ sọ pé áàpù òun bàjẹ́, gbogbo ohun tí òun tẹ̀ ló ń pè ní àṣìṣe. Transpose kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wà ní +2. C àárín, nọ́ńbà 60 ló yẹ kó fi ránṣẹ́, 62 ló ń lọ, D sì ni áàpù ń rí. A dá a padà sí 0, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn mìíràn ń ráhùn pé ohùn ń pẹ́ lẹ́yìn ìka wọn. MIDI kì í gbé ohùn. Nọ́ńbà kíì àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lágbára tó, láti 0 dé 127, ló ń gbé. Fóònù ló ń ṣẹ̀dá ohùn tirẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyẹn ló ń fa ìdádúró, pàápàá bí ẹ bá ń fi ìgbọ́hùn-etí Bluetooth gbọ́ ọ. Ẹ pa ohùn dùùrù inú áàpù, kí ẹ máa gbọ́ ti kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì ki okùn ìgbọ́hùn-etí yín bọ ara kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.